Àpótí Kẹsàn-án

Nígbà tí mo ṣe agùnbánirọ̀ tán tí mo padà sí fúláàtì wa ní Festac, èèyàn méjì péré ló kù níbẹ̀, èmi àti bàbá mi. Màmá mi ti kú nígbà tí mo ṣì wà lẹ́nu ìsìn ìlú lókè Ọya. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin wà lókè òkun. Tó bá pè ní ọjọ́ Sunday, bàbá mi á gbé fóònù sétí, wọ́n á ní, "A wà, a dúpẹ́," wọ́n á sì gbé e fún mi. Èmi náà á ní a wà, a dúpẹ́. Lẹ́yìn náà, oníkálukú á padà sórí àga rẹ̀.

Kì í ṣe pé a ń jà. Ìjà gan-an ì bá dára, nítorí ẹni tó ń jà ń sọ̀rọ̀. Tí mo bá jí, màá kúnlẹ̀ kí wọn, wọ́n á dáhùn. Màá gbé oúnjẹ kalẹ̀, wọ́n á ní, "Ẹ ṣé, ọmọ mi," bí ẹni tó ń kí àlejò. Ọkàn wa méjèèjì ń sunkún obìnrin kan náà, a ò sì lè dárúkọ rẹ̀ lójú ara wa. Adìyẹ bà lókùn, ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìyẹ.

Ohun kan ṣoṣo tó dà bí ọ̀rọ̀ láàárín wa ni sálúbàtà màmá mi. Sálúbàtà aláwọ̀ búlúù ni, gìgísẹ̀ rẹ̀ ti jẹ dà sí ẹ̀gbẹ́ kan nítorí bí màmá mi ṣe ń rìn. Ẹnu ọ̀nà ló wà, lápá òsì, níbi tí wọ́n máa ń bọ́ ọ sí. Tí mo bá ń gbálẹ̀ láàárọ̀, màá gbé e sábẹ́ àga torí pé n kò fẹ́ máa rí i. Kó tó di ọ̀sán, ó ti padà sí ẹnu ọ̀nà. Èmi kò béèrè, bàbá mi kò sì sọ. Ojoojúmọ́ la ń ṣe bẹ́ẹ̀.

N kò ní parọ́, mo fẹ́ kúrò nínú ilé yẹn. Mo fẹ́ iṣẹ́, dájúdájú, gbogbo wa la ń wáṣẹ́ nígbà náà. Àmọ́ lójú tèmi, iṣẹ́ ni ilẹ̀kùn tí mo lè gbà jáde láìṣe pé mo sá. Ilé-iṣẹ́ epo kan ti fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ pé kí n wá ṣe ìdánwò. Ẹni tó bá yege, Pọta, ìlú epo lọ́hùn-ún, ló ń lọ. Mo ka àtẹ̀jíṣẹ́ yẹn títí bátìrì fóònù mi fi kú.

Apá mẹ́ta ni ìdánwò irú àwọn ilé-iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ máa ń ní. Ìṣirò ò dẹ́rù bà mí, òyìnbó kíkà náà kò dẹ́rù bà mí. Apá kẹta ló ń gbé mi ṣubú, apá àwòrán. Wọ́n á ya àpótí mẹ́sàn-án sójú ìwé, mẹ́ta lókè, mẹ́ta láàárín, mẹ́ta nísàlẹ̀. Àwòrán wà nínú mẹ́jọ, ìkẹsàn-án tó gbẹ̀yìn á ṣófo, àmì ìbéèrè ni wọ́n á kọ sínú rẹ̀. Nísàlẹ̀ rẹ̀ ni ìdáhùn mélòó kan á wà tí wọ́n to lẹ́tà sí, kí o wá mú èyí tó yẹ nínú àpótí náà. Kò sí ọ̀rọ̀ kankan níbẹ̀, kò sí nọ́ńbà. Mo ti fìdí rẹmi lẹ́ẹ̀kan nítorí rẹ̀ ní bánkì kan, ọ̀rọ̀ náà sì ká mi lára, torí pé n kì í ṣe òpè.

Ọ̀rẹ́ mi kan ní ṣọ́ọ̀ṣì ló fún mi ní ìwé ìbéèrè tí mo fi ń gbáradì. Àwa méjèèjì la jọ ń kà á lẹ́yìn ìpàdé àwọn ọ̀dọ́, lórí bẹ́ǹṣì lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì. Nígbà tó yá, iṣẹ́ tirẹ̀ bọ́ sí i ní Àbújá. Ó dì mọ́ mi, ó ní, "Ìwọ ló kàn, in Jesus' name," ó kó ìwé náà lé mi lọ́wọ́, ó lọ. Fọ́tòkọ́pì fọ́tòkọ́pì ni ìwé náà. Ẹnì kan ti dà á kọ lára ti ẹnì kan, tóun náà dà á kọ lára ti ẹlòmíràn, títí tí ojú ìwé fi dúdú níbi kan, tí ó funfun níbòmíràn, tí àwọn ìlà kan ti já sáàárín. Lẹ́tà ìdáhùn wà lẹ́yìn rẹ̀, àmọ́ kò sí àlàyé. Ó lè sọ fún ọ pé D ni, kò ní sọ ohun tó sọ ọ́ di D.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan mo jókòó sídìí tábìlì ìjẹun lẹ́gbẹ̀ẹ́ wíńdò, mo ń wo àwọn àpótí yẹn títí ojú fi ń ro mí. Bàbá mi jáde láti yàrá, wọ́n ń lọ bu omi mu. Wọ́n dúró sẹ́yìn mi.

"Kí nìyí?"

"Ìbéèrè ìdánwò ni, Dádì."

"Àwòrán ni wọ́n fi ń gbani síṣẹ́ báyìí?"

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Wọ́n fa àga, wọ́n jókòó. Mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé bàbá mi kì í jókòó ti èèyàn láìnídìí. Iṣẹ́ tí wọ́n ṣe fún ìjọba àpapọ̀ títí wọ́n fi fẹ̀yìn tì ni kí wọ́n máa fi yíǹkì ya àwòrán ilé. Àwọn akítẹ́ẹ̀tì á fi pẹ́ńsù ha tiwọn gàdàgàdà, bàbá mi á wá fi bébà tírésìn lé e, bébà tó mọ́ débi pé ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀ ń hàn, wọ́n á fi yíǹkì tẹ̀ lé gbogbo ìlà rẹ̀ láìgbọ̀n. Lọ́wọ́ wọn, ìlà kì í tẹ̀.

Wọ́n tọ́ka sí ìtò òkè nínú ìbéèrè kan. Róbótó wà nínú àpótí kìíní, àgbélébùú wà nínú ìkejì, róbótó tí àgbélébùú wà nínú rẹ̀ ló wà nínú ìkẹta. Wọ́n wò ó díẹ̀, wọ́n dìde. Mo gbọ́ tí wọ́n ṣí dúróò tí a ò tíì ṣí láti ìgbà ìsìnkú. Wọ́n gbé bébà tírésìn dé, àti kálámù yíǹkì wọn, àti bíléèdì tí wọ́n dì sínú páálí.

"Wò ó." Wọ́n fi tírésìn lé àpótí kìíní, wọ́n ya róbótó rẹ̀. Wọ́n sún bébà náà sórí ìkejì, wọ́n ya àgbélébùú lé e. Wọ́n gbé e sí ojú wíńdò, sínú ìmọ́lẹ̀. Àpótí kẹta ló wà lọ́wọ́ wọn yẹn, gẹ́lẹ́ bó ṣe wà nínú ìwé. "Tó o bá gbé kìíní lé ìkejì, ìkẹta ló máa jáde. Gbogbo ẹ̀ nìyẹn."

A dán ìtò kejì wò, ó rí bẹ́ẹ̀. Nínú ìtò kẹta, onígun mẹ́ta wà nínú àpótí kan, ìlà tó dábùú wà nínú èkejì. A gbé wọn léra, a rí onígun mẹ́ta tí ìlà dábùú rẹ̀. Mo wo ẹ̀yìn ìwé, lẹ́tà rẹ̀ bá tiwa mu. Inú mi dùn, mo sì rí i pé bàbá mi ń rẹ́rìn-ín músẹ́, ohun tí mi ò rí láti ìgbà tí mo ti délé.

Láti ọjọ́ yẹn, tí a bá ti jẹun ọ̀sán tán, bàbá mi á ti jókòó sídìí tábìlì, wọ́n á ti gé tírésìn sí wẹ́wẹ́. Jẹnẹrétọ̀ àwọn ará ìsàlẹ̀ á máa dún, àwọn ọmọdé á máa gbá bọ́ọ̀lù nínú close, òpópónà kékeré iwájú ilé wa, àwa á máa gbé àwòrán léra. Wọ́n ń bá mi sọ̀rọ̀. Wọ́n sọ bí ọ̀gá wọn kan ṣe da tíì sórí àwòrán ilé ìwòsàn kan tó sì fẹ̀sùn kan olóńgbò. Mo rẹ́rìn-ín títí. Wọn kò dárúkọ màmá mi, èmi náà kò ṣe bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ó kéré tán, ohùn èèyàn wà nínú ilé.

Ìbéèrè kan ló fẹ́ dà á rú. Ìtò òkè rẹ̀ kò ní wàhálà: róbótó, àgbélébùú, àwọn méjèèjì pọ̀. Nínú ìtò kejì, onígun mẹ́rin tó ní àmì dúdú bíńtín nínú wà nínú àpótí kìíní, onígun mẹ́rin tó ní ìlà nínú wà nínú ìkejì. Àmọ́ nínú ìkẹta, àmì dúdú àti ìlà nìkan ló wà. Kò sí onígun mẹ́rin rárá.

"Onígun mẹ́rin dà, Dádì?"

Bàbá mi gbé ìwé súnmọ́ ojú. Wọ́n gbé àpótí méjèèjì léra lórí tírésìn. Onígun mẹ́rin bo onígun mẹ́rin mọ́lẹ̀ dáadáa, ó di ẹyọ kan, àmì àti ìlà wà nínú rẹ̀. "Fọ́tòkọ́pì ló jẹ ẹ́," ni wọ́n wí. "Ṣé o ò rí bí ìwé yìí ṣe rí ni? Nǹkan tá a bá ti yà kì í pòórá. Ó wà níbẹ̀, ẹ̀rọ ni ò gbé e."

"Àmọ́ ìdáhùn tó wà lẹ́yìn, D ni. Onígun mẹ́ta wà nínú àpótí méjèèjì ní ìtò kẹta, D ò sì ní onígun mẹ́ta nínú. Àgbélébùú àti róbótó nìkan ló ní."

"Ẹni tó to ìdáhùn ló ṣì í. B ni, onígun mẹ́ta, àgbélébùú, róbótó, gbogbo wọn ló pé síbẹ̀." Wọ́n mú kálámù yíǹkì wọn, wọ́n fi rúlà sí i, wọ́n ya onígun mẹ́rin tó sọnù padà sínú àpótí. Ìlà náà mọ́ ju ti ìwé lọ. Tí ẹ bá rí i, ẹ ò ní mọ̀ pé kò sí níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Láti ọjọ́ náà, gbogbo ibi tí nǹkan bá ti sọnù nínú ìwé náà ni bàbá mi ń tún yà. Mo gbà wọ́n gbọ́. Àgbà tó ti fi ìgbésí ayé rẹ̀ tẹ̀ lé ìlà, ta ni mí tí n ó máa bá a jiyàn lórí ìlà?

Ní àárọ̀ ọjọ́ ìdánwò, bàbá mi sìn mí dé ẹnu àbáwọlé close. Wọ́n ní, "Gbé e léra ṣá. Kó o sì fara balẹ̀." Mo wọ ọkọ̀ ní Mile 2, mo lọ sí Island. Nínú gbọ̀ngàn kan tí ẹ̀rọ amúlétutù ti tutù bí yìnyín la jókòó sí. Gbogbo wa wọ funfun àti dúdú bí ẹgbẹ́ akọrin, n kò sì mọ ẹnì kankan nínú wọn.

Mo ṣe ìṣirò, mo ṣe òyìnbó, mo dé ibi àwòrán. Ìwé tuntun ni, kì í ṣe fọ́tòkọ́pì. Ó mọ́ tónítóní, gbogbo ìlà rẹ̀ dúdú kedere. Mo gbé ìkínní léra lọ́kàn mi, ó jáde. Mo ṣe ìkejì, ìkẹta, mo ń fi pẹ́ńsù kun lẹ́tà mi lọ. Lẹ́yìn náà ni mo kan ọ̀kan tí nǹkan ti sọnù nínú ìtò kejì rẹ̀. Mo ní ẹ̀rọ ló jẹ ẹ́, mo mú èyí tó pé jù nínú ìdáhùn. Mo kan òmíràn, nǹkan tún sọnù. Mo gbójú sókè. Ta ni mo fẹ́ dá lẹ́bi pẹ̀lú ìwé tó mọ́ tó báyìí?

Ìbéèrè tó tẹ̀ lé e ló là mí lójú. Ní ìtò òkè, róbótó àti ìlà wà nínú àpótí kìíní, róbótó àti àmì dúdú wà nínú ìkejì, ìlà àti àmì ló wà nínú ìkẹta. Róbótó ti lọ. Ní ìtò kejì, onígun mẹ́rin àti àgbélébùú, lẹ́yìn náà àgbélébùú àti onígun mẹ́ta, lẹ́yìn náà onígun mẹ́rin àti onígun mẹ́ta. Àgbélébùú ti lọ. Ohun tí àpótí méjèèjì jọ ní ló ń lọ. Ohun tí ọ̀kan nìkan bá ní ló ń kù. Kì í ṣe àṣìṣe ẹ̀rọ, òfin ìbéèrè náà nìyẹn. Níbi tí àpótí méjèèjì kò bá ti jọ ní nǹkan kan, kò sí ohun tó máa lọ, gbogbo rẹ̀ á pé síbẹ̀, á sì jọ pé ńṣe la kàn gbé wọn léra. Ìdí nìyẹn tí róbótó àti àgbélébùú inú ìwé wa fi tan bàbá mi jẹ. Ìtò tí nǹkan kò ti jọra kò lè fi òfin hàn ọ́. Ìtò tí nǹkan ti jọra ni kó o wò.

Mo wá wo ìtò kẹta. Ìràwọ̀ àti róbótó wà nínú àpótí kìíní. Ìràwọ̀ àti róbótó wà nínú ìkejì, ọ̀kan náà ni wọ́n, kò sí ìyàtọ̀ kankan. Mo wo àwọn ìdáhùn nísàlẹ̀. Ọ̀kan wà níbẹ̀ tó jẹ́ àpótí lásán, òfìfo, kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀. Nígbà tí mo kọ́kọ́ rí i mo ti rò pé wọ́n gbàgbé láti ya nǹkan sí i ni.

Mo dúró lórí àpótí òfìfo yẹn ju bó ṣe yẹ lọ. Ojú mi ń rí yàrá ìgbàlejò wa, àga tèmi, àga bàbá mi, ìbànújẹ́ kan náà lórí àga méjèèjì, tí ẹnikẹ́ni tó bá wọlé kò sì ní gbọ́ kí nǹkan kan dún. Omijé bọ́ sórí ìwé. Obìnrin tó ń mójú tó wa wá béèrè lọ́wọ́ mi pé ṣé ara mi yá, mo ní ara mi yá, mo fi apá aṣọ nu ojú. Mo kun lẹ́tà tó jẹ́ ti òfìfo. Lẹ́yìn náà ni mo padà sẹ́yìn, mo fi rọ́bà pa àwọn tí mo ti ṣì mú rẹ́, mo sì tún wọn mú ní kánmọ́kánmọ́ kí àkókò tó pé.

Bàbá mi ti ń dúró dè mí ní bákónì nígbà tí mo délé.

"Ó jáde?"

"Ó jáde, Dádì. Àmọ́ a ṣi àwọn kan ṣe."

Mo jókòó sídìí tábìlì, mo ṣí ìwé sí ibi onígun mẹ́rin yẹn, mo ṣàlàyé fún wọn. Mo ní, "Ẹ̀rọ ò jẹ nǹkan kan. Ohun tí àwọn méjèèjì bá jọ ní, ńṣe ló máa ń lọ. D yẹn tọ̀nà." Mo rò pé wọ́n á bínú, tàbí wọ́n á ní mo ń gbéraga nítorí ìwé tí mo kà.

Wọn kò bínú. Wọ́n wo ìwé náà fún ìgbà pípẹ́. Wọ́n ní, "Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n." Wọ́n mú bíléèdì láti inú páálí, wọ́n tẹ̀ ẹ́ pẹlẹbẹ, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ha onígun mẹ́rin tí wọ́n fọwọ́ ara wọn yà. Bí àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ wọn ṣe ń pa yíǹkì rẹ́ nìyẹn, wọ́n á máa ha á díẹ̀díẹ̀ kí bébà má baà ya. Wọ́n ha ti ojú ìwé yẹn, wọ́n ṣí òmíràn, wọ́n ha tibẹ̀ náà. N kò lè wò wọ́n mọ́. Mo lọ sí kíṣìnnì, mo lọ gbé omi kaná. Títí omi fi hó ni mo ń gbọ́ ìró bíléèdì.

Mo yege. Àtẹ̀jíṣẹ́ dé, mo fi han bàbá mi, wọ́n gbàdúrà fún mi lórí ìdúró. Ní òwúrọ̀ tí mo ń lọ sí Pọta, wọ́n gbé báàgì mi sọ̀kalẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀, wọn kò gbà kí n bá wọn dì í mú. Wọ́n ní kí n máa pè. Mo ń pè, ní ọjọ́ Sunday, wọ́n á ní, "A wà, a dúpẹ́." Mo fẹ́ bi wọ́n pé ẹ̀yin àti ta ni. Mi ò bi wọ́n.

Kérésìmesì ni mo tó wá sílé. Bí mo ṣe gun àtẹ̀gùn dókè, ilẹ̀kùn wà ní ṣíṣí, bàbá mi wà nínú, wọ́n ń gbọ́ rédíò. Sálúbàtà màmá mi wà lápá òsì ẹnu ọ̀nà, níbi tó máa ń wà. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni sálúbàtà tèmi tó ti já, tí mo jù sínú agolo ìdọ̀tí kí n tó lọ. Ẹnì kan ti fi okùn gán awọ rẹ̀ padà pẹ̀lú ọwọ́ tí kì í gbọ̀n. Kò sí eruku lórí bàtà méjèèjì.

Lórí ìwé, bàbá mi ti gbà pé nǹkan máa ń lọ. Lẹ́nu ọ̀nà, wọn kò gbà.

Mo bọ́ bàtà tí mo wọ̀ wá, mo ki ẹsẹ̀ bọ sálúbàtà mi. Wọ́n gbọ́ ìró rẹ̀ lórí ilẹ̀, wọ́n yí rédíò sílẹ̀.

"Dádì," ni mo wí, mo kúnlẹ̀ níbẹ̀, "àárò Mọ́mì ń sọ mí."

"Èmi náà," ni wọ́n wí. "Wá jókòó."